Orúkọ tó ń tú àṣírí: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú sísọ fíìmù àwọn ìyá ọlọ́jà lórúkọ

Ọ̀rẹ́ mi kan ya dọkumẹ́ńtárì ìṣẹ́jú 14 nípa ìyá ọlọ́jà kan, èmi ni mo bá a gé e. Nínú rẹ̀ la ti rí bí ìyá yìí ṣe ń ṣí ìsọ̀ láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà lóhùn, bí wọ́n ṣe ń ka owó nírọ̀lẹ́ tí wọ́n sì ń pín in sí ọ̀nà méjì. Ìṣẹ́jú kọkànlá la tó gbọ́ pé ìsọ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń tajà tẹ́lẹ̀ ló ni ín. Ọ̀rẹ́ náà ti kú, ìyá yìí ò sì jẹ́ kí ìsọ̀ náà pa dé. Ìdajì èrè rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ olóògbé. Lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá gbọ́ ìyẹn, gbogbo ohun tí ẹ ti wò látàárọ̀ á yí padà lójú yín. Fíìmù náà kò ní àbùkù tó pọ̀. Orúkọ ló fẹ́ bà á jẹ́.

Orúkọ tó kọ́kọ́ wà lórí fáìlì ni "Àwọn Obìnrin Ọjà". Kò tú àṣírí kankan, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan náà. Ẹ mú orúkọ yẹn, kí ẹ gbé e lé fíìmù ọjà mìíràn tí ẹ mọ̀. Tó bá bá a mu bó ṣe bá tiyín mu, ibi tí ẹ ti ya fíìmù lẹ kọ sílẹ̀, ẹ ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "Akínkanjú Ìyá Ọlọ́jà" àti gbogbo àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Oríkì nìyẹn.

Nígbà tí ìyẹn sú wa, a sáré lọ sí òdìkejì: "Ìsọ̀ Olóògbé". Àṣìṣe àwa tí à ń gé fíìmù gan-an rèé. A ti wo iṣẹ́ náà títí àṣírí inú rẹ̀ kò fi jọ àṣírí mọ́ lójú wa, a sì gbàgbé pé òǹwòran kò tíì gbọ́ ọ rí. Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń kọ ìṣẹ́jú méjì síwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan tí a bá dábàá. Àkọ́kọ́ ni ìṣẹ́jú tí òǹwòran máa fojú rí ohun tí orúkọ náà ń pè. Èkejì ni ìṣẹ́jú tí ìtumọ̀ rẹ̀ máa tó yé e. "Àwọn Obìnrin Ọjà" gba 1 àti 1: kí ìṣẹ́jú kejì tó pé, orúkọ náà ti parí iṣẹ́. Ti "Ìsọ̀ Olóògbé" tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ ló ti yé èèyàn pé ẹnì kan ti kú. Ìṣẹ́jú 10 gbáko ni yóò fi jókòó retí òkú tí a fẹ́ fi bá a lójijì.

Kò tán síbẹ̀ o. Pátákó fíìmù máa ń dé ọjà ṣáájú fíìmù fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ní rí i wò rárá yóò ka orúkọ tí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ìyá náà, á sì máa fi pè wọ́n ní ìsọ̀ wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Òwe ni ó tún gba àkókò wa jù. Ọ̀rẹ́ mi mú "Oore Kì í Gbé" wá, mo sì ní ìdájọ́ nìyẹn, pé ó ti sọ fún èèyàn ohun tó yẹ kó rò kó tó rí nǹkan kan. Ó ní ó dáa, ká wá òwe ká sì gé e sí méjì: "Àgbájọ Ọwọ́". Ó rò pé ìdajì tí a fi pamọ́ ni yóò mú kí wọ́n fẹ́ wò ó. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ "àgbájọ ọwọ́" tí kò ní fi "la fi ń sọ̀yà" kún un nínú ara rẹ̀? Ìdajì òwe lójú wa, odindi ni. Tí ìyá náà bá fẹnu ara wọn pa òwe nínú fíìmù, ẹ fi síbẹ̀, ibẹ̀ ló ti dùn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni "Èrè". Ó ní ojú méjì: owó tó lé lórí ọjà, àti ẹ̀san iṣẹ́ ẹni. Ìṣẹ́jú rẹ̀ náà dára. Ìgbà tí a kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí kì í gba àmì ohùn ni ojú wa là. Ó di ERE. Mo fi han èèyàn márùn-ún tí wọn kò tíì wo fíìmù náà, mo ní kí ni wọ́n rò pé àwọn máa rí. Ẹnì kan ní eré ọmọdé, ẹnì kan ní ère tí wọ́n ń gbẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó. Kí ẹ tó gba orúkọ kankan, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì kí ẹ sì wò ó bóyá ó ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ìsọ̀" pàápàá lè di "ìṣọ́" lójú ẹni tó bá ka ISO.

A pa ohùn fíìmù náà, a tún wo ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibẹ̀ la ti rí i. Bí ìyá náà bá ti ṣílẹ̀kùn, àpótí ìjókòó méjì ni wọ́n ń gbé síta. Wọ́n á jókòó sórí ọ̀kan. Oníbàárà kan fẹ́ jókòó sórí èkejì, wọ́n fi ọwọ́ dá a dúró, wọ́n yí agbada kan dé, wọ́n ní kó jókòó síyẹn. Wọn ò sọ ìdí. "Àpótí Kejì": ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 11. "Kejì" yẹn sì ń fa "ẹnìkejì" wá sọ́kàn láìdárúkọ rẹ̀.

Ó ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú àwọn márùn-ún tí mo bi, ẹnì kan rò pé àpótí owó ni, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìbò. A ò tìtorí ìyẹn pa orúkọ náà tì, ibi tó ti máa hàn la yí padà. Dípò kó jáde lórí ojú dúdú níbẹ̀rẹ̀, a dúró kí oníbàárà yẹn ti kúrò, a wá gbé e lé àwòrán àpótí méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ ìbò mọ́.

Díẹ̀ ló kù ká fi ẹnu ara wa tú u. Gbólóhùn kan máa ń wà lábẹ́ orúkọ nínú ìwé àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún fíìmù, èyí tí a sì ti kọ síbẹ̀ ni "ìyá ọlọ́jà kan tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú tajà". A nù ún kúrò. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: "Láràárọ̀, ìyá ọlọ́jà kan ń gbé àpótí méjì síta, ó sì ń jókòó sórí ọ̀kan." Ẹni tó ya pátákó náà wá tan àbẹ́là sí ẹ̀gbẹ́ àpótí tó ṣófo, ó ní ó fi ẹwà kún un. A ní kó pa á.