Bí A Ṣe Ń Yẹ Ilé-Iṣẹ́ Adójútòfò Wò Kí A Tó Fi Ọkọ̀ Wa Lé E Lọ́wọ́

Ìdójútòfò ọkọ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó kún, tí wọ́n á fi tún ọkọ̀ ẹni ṣe. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti forí sọ nǹkan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí ẹni tí wọ́n ti ń sanwó fún.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà láàárín àwọn tó ní ìwé-àṣẹ lórí ìkànnì NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìdójútòfò ní Nàìjíríà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wá, kì í ṣe ti búrókà tó bá yín dúnàádúrà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wa ìwé ìṣirò owó ọdọọdún wọn jáde. Ti àwọn tó ń ta ìpín wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì NGX, ọjà ìpín Nàìjíríà. Ti àwọn yòókù, ẹ wo ìkànnì tiwọn. Èyí tí ayẹ̀wé-owó-wò ti fọwọ́ sí ni kí ẹ mú, ọdún mẹ́ta léra wọn. Ilé-iṣẹ́ tí n kò bá rí ìwé rẹ̀, n kì í bá a ṣe. Bí òpó `Group` àti òpó `Company` bá wà níbẹ̀, `Company` ni kí ẹ kà, torí òun ni yóò san owó yín.

Ẹ wo `Total equity`, ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo gbèsè. Òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 2025 gbé owó ìpìlẹ̀ ìdójútòfò tí kì í ṣe ti ẹ̀mí láti bílíọ̀nù 3 náírà sí bílíọ̀nù 15. Bí iye tí ẹ rí bá jìnnà sí èyí, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti fẹ́ rí ìyókù.

Ibi tó ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú ló kàn yìí. Wọ́n á fi iye kílémù, ìyẹn owó jàǹbá tí oníbàárà ń béèrè, tí ilé-iṣẹ́ san wé owó tó gbà lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á ní ẹni tó san jù ló dáa jù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba gbogbo ọkọ̀ jákujàku ní owó pọ́ọ́kú á san kílémù púpọ̀ títí àpò rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ìṣirò yẹn kò tilẹ̀ sọ bó ṣe pẹ́ tó kí owó tó jáde, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló ń dun ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ panẹ́bítà.

Gbèsè kílémù ni kí ẹ wá. Ẹ tẹ `outstanding claims` sínú àpótí ìwákiri PDF náà, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ títí ẹ ó fi kan tábìlì tó pín gbèsè náà sí ọjọ́. Ó sábà máa ń lọ báyìí: `0-90`, `91-180`, `181-270`, `271-365`, lẹ́yìn náà èyí tó ti lé lọ́dún kan. Mo máa ń tẹ ojú ìwé yìí jáde, kí n fi bírò pupa yí ìlà tó gbẹ̀yìn po.

Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan jẹ bílíọ̀nù 1 náírà, tí mílíọ̀nù 300 nínú rẹ̀ ti lé lọ́dún kan. Ìdá 30 nínú 100 nìyẹn. Èkejì jẹ bílíọ̀nù 2, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 100 péré ló ti lé lọ́dún kan, ìdá 5. Èkejì tí gbèsè rẹ̀ pọ̀ jù ni èmi yóò bá lọ, torí ọ̀pọ̀ gbèsè tirẹ̀ ṣì tutù.

Ẹ má tíì dúró níbẹ̀. Tábìlì náà sábà máa ń sọ ìdí tí owó kò fi tíì jáde. Bí ìdí bá jẹ́ pé ìwé oníbàárà kò pé, tàbí pé ẹjọ́ wà ní kóòtù, ẹ̀bi lè má jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, àmọ́ ẹ fura bí “ìwé kò pé” bá ń gbèrú lọ́dọọdún. Èyí tó ń já mi láyà ni `discharge voucher` tí wọ́n ti fọwọ́ sí: ilé-iṣẹ́ ti gbà pé òun jẹ owó, oníbàárà ti fara mọ́ iye tí wọ́n dá, síbẹ̀ owó kò tíì jáde. Bí irú rẹ̀ bá ti lé ní 90 ọjọ́, ẹ yí ojú ìwé padà sí owó tó wà ní báńkì, `Cash and cash equivalents`. Bí owó bá wà tí wọn kò san, ìwà wọn nìyẹn. Bí kò bá sí, àpò ti gbẹ. N kì í bá èyíkéyìí nínú wọn lọ.

Ìkìlọ̀ kan: láti 2023 ni ọ̀nà ìṣirò tuntun, `IFRS 17`, ti yí ìtò ojú ìwé padà. Ẹ má fi iye 2022 wé ti 2023 láìwo àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ìwé bá sú lè lọ bá panẹ́bítà mẹ́ta tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn adójútòfò, kó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn, kó béèrè ẹni tó ń tètè sanwó àti iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi dúró kẹ́yìn. Èmi máa ń bi wọ́n lẹ́yìn tí mo bá ti kàwé tán, ní oṣù kan kí ìwé ìdójútòfò mi tó parí, kí àyè lè wà láti pààrọ̀.