Bí Mo Ṣe Ṣírò Iye Okùn Iná Tí Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Kan Gbà

Nígbà tí Kérésìmesì ń súnmọ́lé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ta aṣọ ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ní kí n bá òun so iná síwájú ṣọ́ọ̀bù òun. Ó dá a lójú pé okùn iná mẹ́ta yóò tó, nítorí pé iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju mítà 6 lọ. Ṣùgbọ́n òpó méjì ni ó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ró, ó sì fẹ́ kí iná yí àwọn náà ká láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Kí n tó wọn ohunkóhun lára ilé náà, okùn kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ rà, tí mo tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ. Mítà 10 ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ka wáyà tí ó wà láàárín púlọ́ọ̀gì àti gílóòbù àkọ́kọ́ mọ́ ọn, èyí tí ó gùn ju mítà kan lọ, tí kò sì ní iná kankan lára. Gílóòbù 100 ni mo kà lórí okùn náà, àlàfo sẹ̀ntímítà 9 sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Gílóòbù 100 kò lè ní ju àlàfo 99 lọ, nítorí náà ibi tí ó ń tàn gan-an jẹ́ nǹkan bíi mítà 8.9. Iye yìí ni mo fi ṣe gbogbo ìṣirò tí ó kù.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ kí iná etí òrùlé nà tantan. Ó fẹ́ kí ó máa rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ láàárín ìṣó kan sí òmíràn. Mo kan ìṣó márùn-ún ní àlàfo mítà kan ààbọ̀, mo mú okùn ìdìrù lásán, mo fi kọ́ wọn lára bí mo ṣe fẹ́ kí iná náà rí, pẹ̀lú ìrọ̀sílẹ̀ sẹ̀ntímítà 25 níbi kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ tí mo sì fi téèpù wọ̀n ọ́n. Mítà 6.45 ni ó jẹ́. Okùn iná kan tó o, èyí tí ó sì ṣẹ́kù lè sọ̀ kalẹ̀ sí igun tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà.

Àwọn òpó ni ó jẹ iná jù. Ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin òpó kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 30, èyí já sí pé yíyí i ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gba mítà 1.2. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2.7, ṣùgbọ́n mo fi sẹ̀ntímítà 60 sílẹ̀ nísàlẹ̀ nítorí ọwọ́ ọmọdé àti omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá ku mítà 2.1. Bí a bá fi sẹ̀ntímítà 15 sáàárín ìyípo kan sí èkejì, ìyípo 14 ni, ìyẹn mítà 16.8. Okùn méjì, tí ó jẹ́ mítà 17.8, bò ó dáadáa. Sẹ̀ntímítà 30 ì bá mú un dín sí mítà 8.4, okùn kan ì bá sì tó, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi okùn ìdìrù dán an wò, òpó náà dà bí ẹni tí wọ́n fi ìgbànú díẹ̀ dì. Sẹ̀ntímítà 20 ni n kò lè gbà rárá: mítà 12.6 ni yóò gbà, èyí tí ó ju okùn kan lọ, tí yóò sì sọ ọ̀pọ̀ nínú ìkejì di àṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ a kì í gé irú okùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan fún etí òrùlé àti méjì-méjì fún òpó di márùn-ún. Mo ra ìkẹfà pamọ́ láti inú páálí ńlá kan náà, nítorí pé funfun ti ọjà mìíràn lè pọ́n díẹ̀ tàbí kí ó fà sí búlúù.

Ó ku ọ̀rọ̀ síso wọ́n pọ̀. Ìwé tí ó wà lára wáyà sọ pé a kò gbọdọ̀ so ju mẹ́ta lọ mọ́ ara wọn. Mo so ti etí òrùlé mọ́ méjì ti òpó tí ó súnmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo sì fa wáyà mìíràn fún òpó kejì. Bí ènìyàn bá so ju bẹ́ẹ̀ lọ, púlọ́ọ̀gì àkọ́kọ́ lè máa gbóná, torí pé òun ni iná gbogbo wọn ń gbà kọjá. Mo tan ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nílẹ̀ kí n tó gun àkàbà, mo sì bẹ̀rẹ̀ síso láti ìhà sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí púlọ́ọ̀gì má baà bá ara rẹ̀ ní òpin tí kò sí iná. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti tàn fún nǹkan bíi wákàtí kan, mo fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì méjèèjì, wọ́n sì tutù.