Ẹ ka píksẹ́lì tó kù kí ẹ tó gba owó fíréèmù

Ẹ̀yin ará iṣẹ́, tí oníbàárà bá ní kí ẹ yọ màmá òun nìkan nínú fọ́tò tí gbogbo ẹbí jọ yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣèlérí bí yóò ṣe tóbi tó. Ẹ gé e ná, ẹ wo iye píksẹ́lì tó ṣẹ́ kù, kí ẹ wá fi iye ínṣì tó fẹ́ pín in.

Fọ́tò tí mo ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá jẹ́ 6000 × 4000. Nígbà tí mo gé màmá jáde, 1600 × 2000 péré ló kù. Ínṣì 16 × 20 ni wọ́n fẹ́. Ẹ pín 1600 sí ọ̀nà 16, 100 píksẹ́lì ló bọ́ sí ínṣì kan. Kò tó rárá. Ìpéǹpéjú àti ìlà gèlè á ṣe bàìbàì. Lórí 8 × 10, ó di 200, ìyẹn sì dáa. 300 ni mo máa ń fẹ́ fún fọ́tò àfọwọ́mú, ṣùgbọ́n èyí tí a ó gbé kọ́ ògiri lè gba 150.

Ẹ má kàn kọ 300 sínú àpótí Resolution ní Image Size inú Photoshop. Tí ẹ bá yọ àmì Resample, ẹ ó rí i pé ínṣì ló ń dínkù, píksẹ́lì ò lé.

Tí oníbàárà bá takú, ẹ gé 400 × 600 píksẹ́lì níbi ojú màmá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà 4 × 6. Bó ṣe máa rí gan-an lórí 16 × 20 nìyẹn. Ẹ gbé e lé e lọ́wọ́ kó tó sanwó.