Nọ́ńbà owó orí méjì fún èmi nìkan: ohun tí ojú mi rí l'Ábẹ́òkúta

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé mi ò jẹ gbèsè owó orí. Láti ọdún 2017 tí mo ti ń kọ́ni níléèwé aládàáni kan níbí, kò sí oṣù tí wọn kì í yọ PAYE nínú owó mi. Gbogbo ìwé owó oṣù mi ló wà nínú fáìlì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2025, nígbà tí mo lọ gba ìwé ẹ̀rí pé mo ti san owó orí, kọ̀ǹpútà ní mi ò san kọ́bọ̀ rí láyé mi.

Ilẹ̀ ló gbé mi débẹ̀. Èmi àti baálé mi ra ilẹ̀ lápá Ọ̀bàǹtokò, a wá fẹ́ ṣe sí-ọf-ó rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta tó ṣáájú wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè, ìyẹn 2022, 2023 àti 2024. Mo gba àyè ọjọ́ kan péré lọ́wọ́ iléèwé, mo ní kí n tó jẹun ọ̀sán, mo ti parí. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é.

Kí n tó máa bínú lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di oní-nọ́ńbà méjì. Ní ọdún 2023, mo lọ ṣí akáǹtì tuntun ní báǹkì fún àdìrẹ tí mo ń tà, wọ́n sì ní kí n mú TIN wá, ìyẹn nọ́ńbà owó orí, torí akáǹtì òwò ni. Mi ò mọ̀ pé mo ti ní ọ̀kan. Mo lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Pánṣẹ́kẹ́, ó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́wọ́ mi. Ọ̀fẹ́ ni o! Èèyàn kan kì í sanwó kó tó gba TIN. Nígbà náà, BVN tàbí NIN ló máa ń tẹ̀ sórí ìkànnì, orúkọ àti ọjọ́ ìbí á jáde fúnra wọn, á fi àdírẹ́sì àti iṣẹ́ tó ń ṣe kún un, ó tán. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù ló lè ṣe é nígbà náà.

Ká sọ òótọ́, ọmọ yẹn kọ́kọ́ wò ó bóyá mo ti ní nọ́ńbà tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wò ó nígbà náà máa ń béèrè ọjọ́ ìbí ná, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kéèyàn fi nọ́ńbà fóònù tàbí BVN wá ara rẹ̀. Ó fi ọjọ́ ìbí mi sí i, ó fi fóònù mi sí i, kò rí nǹkan kan. Ló bá ṣe tuntun fún mi. Mo dúpẹ́, mo gbé e lọ sí báǹkì, mo gbàgbé ẹ̀.

Ohun tí èmi àti ọmọ náà ò mọ̀ ni pé iléèwé mi ti forúkọ mi sílẹ̀ láti ọdún 2017. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Àtìgbà náà ni wọ́n ti ń san owó orí mi sórí nọ́ńbà yẹn lóṣooṣù. Nọ́ńbà tuntun tí mo gbé dání, tí mo ń fi yangàn, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bàbá tó jókòó níwájú mi ní ọ́fíìsì owó orí ló tú àṣírí ọ̀rọ̀. Ó wo ìwé owó oṣù mi, ó wo kọ̀ǹpútà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Tíṣà, ṣé orúkọ míì wà tẹ́ ẹ̀ ń jẹ́?"

"Rárá, sà."

"Ṣé iléèwé yín ń sanwó yìí wá níbí lóòótọ́?"

Mo ní wọ́n ń san án, sà. Ó ní kí n má bínú, ó lọ ṣí àkójọ orúkọ tí iléèwé wa ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú owó. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti san PAYE oṣù tó kọjá kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tuntun tó kọjá, àkójọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ á sì bá a rìn, pẹ̀lú nọ́ńbà kálukú àti iye tí wọ́n yọ. Nọ́ńbà tó wà nínú àkójọ yẹn ni owó ń bọ́ sí. Kò kan ẹni tó làágùn kó tó rí owó. Bàbá fi ìka tọ́ ìlà kan, ó yí kọ̀ǹpútà sí mi. Ohun tí mo rí rèé:

ADESHINA BOLANLE, 03/08/1986.

Ohun tó wà lórí NIN àti BVN mi rèé:

ADESINA OMOBOLANLE, 08/03/1986.

Ẹ gbà mí! Orúkọ ọkọ mi ni Adéṣínà. Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ̀ pé ṣ la fi ń kọ ọ́, ẹlòmíì á fi s lásán rọ́pò rẹ̀, ẹlòmíì á fi h kún un. Àwa ò rí i bí ohun bàbàrà. Àbúrò ọkọ mi ń kọ tiẹ̀ pẹ̀lú h, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ọmọbọ́láńlé ni wọ́n sọ mí, Bọ́láńlé ni gbogbo ilé ń pè mí, Bọ́láńlé náà ni mo sì fẹnu ara mi sọ lọ́jọ́ tí mo gba iṣẹ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Àmọ́ ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ni wọ́n bí mi. Ta ló sọ mí di ọmọ oṣù kẹjọ?

Ó pẹ́ kí n tó rí ìdí rẹ̀, èmi ni mo sì rí i fúnra mi, ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀. Kọ̀ǹpútà iléèwé wa ni wọ́n tò bí ti Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú ọjọ́ níbẹ̀. Téèyàn bá kọ 08/03, oṣù kẹjọ ló máa kà á sí. Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kò ní ìṣòro, torí kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó lè gbé e lọ. Àwa tí ọjọ́ ìbí wa bọ́ sáàárín ọjọ́ kìíní sí ìkejìlá nìkan ló dojú dé. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwa mẹ́rin lọ̀rọ̀ náà kàn, bọ́ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn tí ọmọ Pánṣẹ́kẹ́ ò fi rí mi: ọjọ́ ìbí mi gangan ló fi wá mi.

Èmi fẹ́ kí wọ́n pa nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ́, kí wọ́n fi tuntun sílẹ̀ fún mi, torí òun ni orúkọ mi pé lórí ẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, èwo ló rọrùn nínú kí ẹ tún orúkọ ilé kọ àti kí ẹ kó gbogbo ẹrù inú ẹ̀?" Owó ọdún mẹ́jọ wà lórí ti àkọ́kọ́. Ká tún orúkọ àti ọjọ́ ìbí ibẹ̀ ṣe kó bá NIN mu, ká sì ti tuntun pa. Nǹkan mẹ́ta ló ní kí n mú wá: ìwé ìbúra kóòtù pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, ìwé NIN mi, àti lẹ́tà iléèwé tí àkójọ owó orí ọdún mẹ́ta yẹn àti rìsíìtì wọn bá rìn.

Ìbúra ò gbà ju ààbọ̀ ọjọ́ lọ ní kóòtù Ìsàbọ̀. Lẹ́tà ni ẹjọ́.

Akáńtáǹtì tó forúkọ mi sílẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ ọmọdékùnrin tó mọ̀wà hù, ṣùgbọ́n kì í kánjú. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká parí ìdánwò ná." A parí ìdánwò. "Àǹtí, Mọ́mì ló máa fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti lọ sí Èkó." Mọ́mì ni ẹni tó ni iléèwé. Mọ́mì dé, wọ́n fọwọ́ sí i, mo gbé lẹ́tà gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Bàbá kà á, ó dá a padà fún mi láìsọ̀rọ̀. Lẹ́tà tó ń ṣàlàyé pé wọ́n ṣi orúkọ mi kọ, ADESHINA ló pè mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́tà àtijọ́ kan lọmọ yẹn ṣí, ó kàn pààrọ̀ déètì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún nínú kẹ̀kẹ́.

Lẹ́tà kejì ní orúkọ tó tọ́, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba ọjọ́ ìbí. Ìkẹta ni mo jókòó kọ fúnra mi. Mo kọ orúkọ méjèèjì sínú rẹ̀, ọjọ́ ìbí méjèèjì, nọ́ńbà owó orí méjèèjì, èyí tá a fẹ́ kí wọ́n dá sí àti èyí tá a fẹ́ kí wọ́n tì pa. Mo gbé e fún akáńtáǹtì pé kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, kó má yọ kọ́mà kan. Èyí tí wọ́n gbà nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méje ló bá lẹ́tà lọ nínú ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá yẹn. Ká ní ọjọ́ kìíní ni mo ti kọ ọ́ fúnra mi, ǹ bá ti sinmi.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti nọ́ńbà tuntun pa, mo ṣì ní láti padà sí báǹkì, torí èyí tí wọ́n tì pa gan-an ni báǹkì fi sórí akáǹtì àdìrẹ mi. Ibẹ̀ ò le. Wọ́n gba fọ́ọ̀mù kan, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ọjọ́ ìbí tiẹ̀ náà yí padà fẹ́ lọ tún NIN rẹ̀ ṣe kó lè bá ti iléèwé mu. Mo pariwo lé e lórí. Ọjọ́ ìbí orí NIN kì í ṣe ohun téèyàn ń fọwọ́ kàn láìnídìí, owó ńlá ni, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí sì tún wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá yí tọ̀hún, ti báǹkì, ti fóònù àti ti owó ìfẹ̀yìntì á tún dojú rú. Ìwé iléèwé ló rọrùn jù láti tún ṣe. Òun ni kó tẹ̀ lé NIN.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ti le sí i báyìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, NIN fúnra rẹ̀ ló di nọ́ńbà owó orí fún àwa èèyàn lásán. Iléèwé ní kí gbogbo wa mú NIN wá. Mo ṣe ẹ̀dà tèmi, mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ orúkọ àti ọjọ́ ìbí, mo fi lé akáńtáǹtì lọ́wọ́, mo dúró tì í títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán.

Nígbà tí ìwé owó oṣù kìíní jáde, ọjọ́ ìbí pé. Kò sí h nínú orúkọ ọkọ mi mọ́. ADESINA BOLANLE ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo tún mú bírò pupa, mo gba ọ́fíìsì rẹ̀ lọ.