Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Fọ́tò Tó Ń Lé Oníbàárà Sá: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún ayàwòrán kì í fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fọ́tò ló ń wò. Bó bá wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ohun mẹ́ta ló ń wá: ta ló gbéṣẹ́ náà fún ayàwòrán, kí ni ayàwòrán fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀, ibo ni wọ́n sì ti lo fọ́tò náà? Orúkọ kámẹ́rà àti “inú mi dùn gan-an sí iṣẹ́ yìí” ló máa ń bá níbẹ̀. Ẹ sì ti náwó lórí ìkànnì tí ẹ ń fi iṣẹ́ yín hàn sí o.

1. Ẹ má pe ẹni tí kò gbéṣẹ́ fún yín ní oníbàárà yín.

Ẹni tó bá yín ṣàdéhùn ni oníbàárà yín. Pé ọjà ẹnì kan wà nínú fọ́tò kò sọ ọ́ di oníbàárà. Bí ẹ bá fowó ara yín ra bàtà, tí ẹ wá yà á dáadáa, ìdánrawò ni. Ẹ kọ “ìdánrawò” síbẹ̀, kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ayàwòrán mìíràn ni wọ́n gbéṣẹ́ ìgbéyàwó fún, tí ẹ kàn bá a yà á, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ pé igbákejì ni yín. Ti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló burú jù: olùkọ́ ló ṣètò iná, òun ló mú ẹni tí wọ́n ń yà wá, gbogbo kíláàsì sì ya aṣọ kan náà níwájú ògiri kan náà. Ẹni tó ń wá ayàwòrán á rí fọ́tò yẹn lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kálukú wọn á sì ní oníbàárà òun ni.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀kan wò. Ilé-iṣẹ́ Bàtà Lágbájá gbé iṣẹ́ ìpolówó fún Ilé-iṣẹ́ Ìpolówó Tàmẹ̀dò. Tàmẹ̀dò wá pè yín pé kí ẹ ya oríṣi bàtà 12. Ọjọ́ 2 lẹ fi yà á, fọ́tò 36 lẹ kó fún wọn, Làkáṣègbè ló tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ wá kọ ọ́ pé: “Iṣẹ́ tí mo ṣe fún Bàtà Lágbájá.” Bí ẹnì kan bá pe Lágbájá láti bèèrè yín, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ yín rí, nítorí Tàmẹ̀dò ni wọ́n bá ṣàdéhùn. Tàmẹ̀dò náà á rò pé ẹ fẹ́ gba oníbàárà mọ́ òun lọ́wọ́. Làkáṣègbè ò sì sí níbẹ̀ rárá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

“Fọ́tò bàtà 12 fún ìkànnì ìtajà Bàtà Lágbájá, 2024. Oníbàárà: Ilé-iṣẹ́ Ìpolówó Tàmẹ̀dò. Iṣẹ́ mi: ètò iná, yíya fọ́tò fún ọjọ́ 2, yíyan fọ́tò 36. Àtúnṣe àwọ̀: Làkáṣègbè.”

2. “Fọ́tò ọjà” nìkan kò tó.

Kò sọ bóyá ẹ̀yin lẹ ṣètò iná, kò sì sọ bóyá ẹ̀yin lẹ tún un ṣe. Ẹ wo àpẹẹrẹ òkè yẹn: bí ẹ bá fi àtúnṣe àwọ̀ mọ́ iṣẹ́ yín, ẹlòmíràn á gbéṣẹ́ wá nítorí àwọ̀ yẹn gan-an, ẹ ò sì ní lè ṣe é. Ibi tí wọ́n lò ó náà ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ orí ìkànnì ni, ẹ má kọ “ìpolówó ńlá”.

Ẹ má kọ iye tí wọ́n san fún yín.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ wo ìwé àdéhùn. Ọjà tí wọn ò tíì fi han aráyé kò gbọdọ̀ jáde láti ọ̀dọ̀ yín; bí ìwé ò bá sọ ọ́, ẹ bèèrè, kí ẹ sì gba ìdáhùn lákọsílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé fífi àmì @ sí orúkọ ẹnì kan ti tó. Ẹni náà lè yí orúkọ ojú ìwé rẹ̀ padà lọ́la, àmì yẹn ò sì ní bá fọ́tò lọ bí wọ́n bá gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ kọ orúkọ gan-an bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ tún fi í sínú fọ́tò fúnra rẹ̀ ní àyè IPTC, ìyẹn àyè ọ̀rọ̀ tó wà nínú fáìlì fọ́tò: orúkọ tiyín sí Creator, ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò sí Description. Àwọn ìkànnì kan máa ń pa á rẹ́, nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e síta, ẹ gba fọ́tò náà padà sórí kọ̀ǹpútà láti orí ìkànnì yín, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì wà ńbẹ̀.