Bí mo ṣe so fáíbà kìlómítà 104 láìsí ẹ̀rọ àtúngbé lójú ọ̀nà

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni pé kí n so ibùdó méjì pọ̀ pẹ̀lú fáíbà, gígábíìtì 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kìlómítà 104 ló wà láàárín wọn, kò sì sí iná tàbí ilé lójú ọ̀nà tí a lè gbé ẹ̀rọ àtúngbé sí, èyí tó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ tí á sì tún un rán lọ. Ohun yòówù tí mo bá fẹ́ ṣe, ìdí okùn méjèèjì ni mo ti máa ṣe é.

Àdánù ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ṣírò. G.652 ni fáíbà tó wà nílẹ̀, oríṣi tó wọ́pọ̀ jù. Tí lésà bá ń tàn ní 1310 nánómítà, kìlómítà kan máa ń jẹ nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 0.35 nínú ìmọ́lẹ̀. Ní 1550, nǹkan bíi 0.20 ni. Lọ́nà tó jìn báyìí, 1310 ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Mo wá fi ojú ìsopọ̀ 25 tí wọ́n ti yọ́ fáíbà mọ́ra, àti ìdè orí méjèèjì, kún un:

```
104 × 0.20 = 20.80
 25 × 0.05 =  1.25
  2 × 0.40 =  0.80
           = 22.85 dB
```

Lésà mi ń tàn ní 2 dBm, ìyẹn ìwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀, nítorí náà −20.85 ni yóò dé òdìkejì. Ẹ̀rọ tó ń gbà á lè gbọ́ ọ títí dé −24. Ó ku dẹ́síbẹ́lì mẹ́ta àti díẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbí yóò rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ìfọ́nká ló kù, ohun tí mo sì máa ń bẹ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n ṣírò kí wọ́n tó ra ohunkóhun nìyẹn. Lésà kì í tan àwọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo. Bí a bá ṣe ń tàn án tí a sì ń pa á kíákíá tó ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ tó, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní eré tirẹ̀ nínú dígí fáíbà. Bí àwọn eléré ìje tó jọ gbéra tí wọ́n sì ń jìnnà síra wọn ni: bí ọ̀nà bá ṣe gùn tó ni wọ́n ń fọ́n ká tó. Ní gígábíìtì 10, píkósẹ́kọ́ńdì 100 péré ni bíìtì kan ní, nígbà tí ó bá sì fẹ̀ kọjá àyè rẹ̀, á ya wọ àyè èkejì.

Ohun tó dùn mí ni pé ní nǹkan bíi 1310 ni ìfọ́nká yìí kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ní 1550 tí àdánù ti kéré, ó tó píkósẹ́kọ́ńdì 17 fún nánómítà kan lórí kìlómítà kan. 104 lọ́nà 17 jẹ́ 1768. Lésà tí a ní kò lè gbà ju 1600 lọ. Èyí ni pé lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 94, bó ti wù kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tó, kò ní dára.

Ọ̀gá mi ní, “Ṣé ká ra ẹ̀rọ tó ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára ni?” Mo ní, “Ọ̀gá, tí ẹ bá fún un lágbára, bó ṣe fọ́n ká náà ni yóò ṣe dé, kìkì pé yóò mọ́lẹ̀ sí i.” A so lésà náà lásán kí wọ́n lè rí i:

```
$ ethtool -m eth1
Laser output power : 1.5849 mW / 2.00 dBm
Receiver signal average optical power : 0.0082 mW / -20.86 dBm
```

Ìmọ́lẹ̀ dé bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, síbẹ̀ àṣìṣe ń pọ̀ sí i lójú wa. A nu orí okùn, kò yí padà. A wá fi lésà gígábíìtì 1 sí i, àwọ̀ 1550 kan náà, lórí fáíbà kan náà: kò sí àṣìṣe kankan, nítorí bíìtì tirẹ̀ ní àyè píkósẹ́kọ́ńdì 1000. Bó bá jẹ́ àdánù ni, òǹkà ìmọ́lẹ̀ tó dé ìbá ti lọ sílẹ̀ ju ìṣirò lọ.

Mo ra àpótí fáíbà aṣàtúnṣe, tó ń kó àwọ̀ tó ti fọ́n ká padà jọ. Èyí tó bá kìlómítà 40 mu ni mo mú, ó yọ 680 kúrò nínú 1768, ó ku 1088. Ṣùgbọ́n àpótí náà ń jẹ dẹ́síbẹ́lì 5, ohun tí a sì ní lọ́wọ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni ẹ̀rọ afúnnilágbára tí ọ̀gá mi ń sọ wúlò. Mo to àpótí náà sẹ́yìn lésà, ìmọ́lẹ̀ di −3. Mo wá fi ẹ̀rọ náà gbé e dé 8 kí ó tó wọ inú okùn. Nígbà tó dé òdìkejì, −14.85 ni. Mo yẹ̀ ẹ́ wò pé kò kọjá −7, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù náà máa ń ba ẹ̀rọ tó ń gbà á jẹ́. Mo ṣe bákan náà sí apá kejì, a sì fi ìdánwò sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àṣìṣe kò wọlé.

Bí wọ́n bá wá fẹ́ kí okùn yìí gùn sí i lọ́la, ìmọ́lẹ̀ tó kù lè gbé àfikún nǹkan bíi kìlómítà 40 láìka ààyè ìpamọ́ mọ́ ọn. Ìfọ́nká kò ní jẹ́ kí àfikún náà kọjá 30, àfi tí a bá fi àpótí tó tóbi jù èyí lọ pààrọ̀ rẹ̀.