Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀pá Kọ́tìnì 126 Sínú Páálí 120

Kọ́tìnì ni mo máa ń rán n'Íbàdàn. Oníbàárà mi kan n'Ílọrin ní kí n fi kọ́tìnì pálọ̀ òun ránṣẹ́ láti gáréèjì, kí n sì fi ọ̀pá rẹ̀ kún un. Fèrèsé náà fẹ̀ ní 120 sẹ̀ǹtímítà, mo wá gé ọ̀pá sí 126 kó lè yọ díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Páálí tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù gùn ní 120, ó fẹ̀ ní 40, ó ga ní 30. Inú ni mo wọ̀n o, kì í ṣe ẹ̀yìn, torí pé ara páálí náà nípọn, ìnípọn yẹn kò sì wúlò fún ọ̀pá. Mo fẹ́ kí ẹnu páálí pa dé pátápátá, torí ohun tó bá yọ síta, ẹrù míì ló máa tẹ̀ ẹ́ wọ́ kó tó délé.

Ọmọṣẹ́ mi wo páálí, ó wo ọ̀pá. "Ọ̀gá, ṣé ká gé e sí méjì ni?"

"Má gé nǹkan kan. Bá mi mú téèpù àti bírò wá."

Ẹni tó bá fi ọ̀pá lélẹ̀ gbọọrọ máa rí i pé 120 kò gba 126. Èyí tó tẹ̀ lé e lọ́kàn èèyàn ni pé ká fi ọ̀pá dábùú ìsàlẹ̀ páálí, láti igun kan dé igun tó kọjú sí i. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà tó tún gùn ju ìyẹn lọ: èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun ìsàlẹ̀ lápá kan, tó gba àárín páálí kọjá, tó sì lọ bá igun òkè lódìkejì. Kò sí ìlà tó gùn jù ú lọ nínú páálí.

Láti mọ gígùn rẹ̀, òfin Pítágórásì tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé náà ni, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì la máa lò ó. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú kékeré tó wà ní ìparí páálí, èyí tó fẹ̀ ní 40 tó sì ga ní 30. 40 lọ́nà 40 jẹ́ 1,600. 30 lọ́nà 30 jẹ́ 900. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,500, nọ́ńbà tí a fi bá ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tó fi di 2,500 sì ni 50. Nítorí náà, láti igun ìsàlẹ̀ dé igun òkè lójú kékeré yẹn jẹ́ 50.

Ibi tó ń rú ọ̀pọ̀ lójú ló kù yìí. Etí gígùn páálí, 120 yẹn, dúró ṣánṣán sí ojú kékeré náà. Ìlà yòówù tí a bá fà sójú yẹn, ìbáà jẹ́ èyí tó sùn, tó nàró tàbí tó dábùú, etí gígùn ń bá a pàdé ní igun 90 dígíìrì. Ìdí nìyẹn tí 50 àti 120 fi lè jẹ́ ẹsẹ̀ méjì onígun mẹ́ta tuntun. 2,500 pẹ̀lú 14,400 jẹ́ 16,900, gbòǹgbò rẹ̀ sì jẹ́ 130 géérégé. Téèyàn bá pa ìgbésẹ̀ méjèèjì pọ̀, tó fi a, b àti c dúró fún gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí, tó sì fi d dúró fún ìlà tó gùn jù náà, ohun tó máa kọ sílẹ̀ ni:

d = √(a² + b² + c²)

Ọmọṣẹ́ mi bi mí pé ṣé kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ páálí. Ó lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìdáhùn kan náà ló máa bá pàdé, àfi pé á kọ́kọ́ ṣe wàhálà 126.49 kó tó dé 130. Ojú tí nọ́ńbà rẹ̀ rọrùn lèmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Mo ní kó di okùn ìránṣọ mú sígun ìsàlẹ̀, mo fà á le dé igun òkè, a wọ̀n ọ́n: 130. Kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti kọ́kọ́ wọn ìlà méjèèjì tó dábùú ìsàlẹ̀ páálí wò. Bí wọn ò bá dọ́gba, páálí ti wọ́ nìyẹn, igun rẹ̀ kì í ṣe 90 mọ́, ìṣirò wa kò sì ní bá a mu. Tiwa dọ́gba.

Ẹ wá padà wo ìsàlẹ̀ páálí. 126.49 ju 126 lọ, ẹni tó bá sì wo nọ́ńbà nìkan máa sọ pé ọ̀pá wọ̀ ọ́, ó tún ku ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Ọmọṣẹ́ mi gbìyànjú ẹ̀. Orí kan wọlé, èkejì gun etí páálí, kò sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó fà á ni pé okùn kò ní ìnípọn, ọ̀pá sì ní: 2.5 sẹ̀ǹtímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ṣóńṣó, nítorí náà kò lè wọ inú igun gan-an. Etí rẹ̀ á ti gbá ògiri páálí kí àárín rẹ̀ tó débẹ̀.

Bí mo ṣe ń yọ ìnípọn yẹn kúrò rèé. Ọ̀pá fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sí ìhà gígùn, torí náà níbẹ̀ kékeré ló ń jẹ: 2.5 lọ́nà 50, ká pín in sí 130, kò tó 1. Mo yọ 1. Sí fífẹ̀ àti sí gíga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ìnípọn rẹ̀, mo yọ 2.5 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku 119, 37.5 àti 27.5. Mo tún ìṣirò ṣe: 14,161 pẹ̀lú 1,406.25 pẹ̀lú 756.25, gbòǹgbò àpapọ̀ wọn jẹ́ 127.76. Mo mọ̀ pé mo yọ díẹ̀ kọjá ohun tó yẹ, ìyẹn sì dára, torí kò ní já mi kulẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìsàlẹ̀ páálí nìkan, bíi 125 ló máa jáde, ìyẹn ló fa kíkọ̀ tí ọ̀pá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

126 wọ inú 127.76. Mo tú bọ́ọ̀lù tó wà ní orí méjèèjì ọ̀pá náà kúrò, torí wọ́n ń fi kún gígùn, mo dì wọ́n sínú ọ̀rá pẹ̀lú òrùka àti ìkọ́. Mo fi fóòmù tí kò nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan wé orí kọ̀ọ̀kan, kí irin má baà lu igun páálí jáde lójú ọ̀nà. Ọ̀pá la kọ́kọ́ gbé wọlé: orí kan sígun ìsàlẹ̀, èkejì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sígun òkè. Lẹ́yìn náà la wá ká kọ́tìnì sábẹ́ rẹ̀ àti sórí rẹ̀. Ká ní aṣọ la kọ́kọ́ tò kún ìsàlẹ̀, ọ̀pá kò ní rí ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Páálí kan ní irú ìlà yìí mẹ́rin, gígùn wọn sì dọ́gba, ṣùgbọ́n àárín páálí ni gbogbo wọn ti ń kọjá. Nítorí náà, ọ̀pá méjì tó gùn débi pé kò ku àyè kankan kò lè wà níbẹ̀ pa pọ̀, wọ́n á forí gbárí láàárín.

Oníbàárà míì ti ń béèrè ọ̀pá 135 báyìí. Ọmọṣẹ́ mi ní ká wá páálí tó ga jù. Mo ní kó ṣírò rẹ̀: bí gíga bá kúrò ní 30 di 40, 130 á di bíi 132.7 péré. Bó bá jẹ́ gígùn ló fi 10 kún, tó di 130, ìlà náà á di bíi 139.3, bí a sì ti yọ ìnípọn ọ̀pá kúrò, bíi 137 ló kù. Páálí 130 ló lọ wá lọ́jà.